"Would rather stay" ni àbí "would rather to stay"? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí "would rather" àti "had better"

Lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra WAEC àti JAMB ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí kì í tán lẹ́nu wọn, àwọn òbí náà sì máa ń pè mí lórí fóònù nítorí wọn. Mo ti tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn lọ sórí èyí tó ta kókó.

Èwo ló tọ̀nà: "I would rather stay" tàbí "I would rather to stay"?

"I would rather stay" ló tọ̀nà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀lé "would rather" gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè gan-an: "stay", "go", "eat", "be". Kò gbọdọ̀ sí "to" níwájú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ lẹ "-ing" tàbí "-ed" mọ́ ọn nídìí.

Nítorí náà, àṣìṣe ni "I would rather to stay", àṣìṣe sì ni "I would rather staying". Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìdánwò ò sì gbà á. Bí ẹ bá rí "to stay" nínú àwọn ìdáhùn A sí D lẹ́yìn "would rather", ẹ fagi lé e kí ẹ tó wo àwọn tó kù.

Kí ló ń fa "to" wọ ibẹ̀ gan-an?

Ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé. Èkíní ni àwọn mọ̀lẹ́bí "would rather" tí wọ́n jọ ń gbélé: "I would like to stay", "I would prefer to stay", "I would love to stay". Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń gba "to", ìtumọ̀ wọn sì sún mọ́ ara wọn, torí náà ọmọ tó ti kọ́ mẹ́ta tó ní "to" máa ń rò pé ìkẹrin ò lè yàtọ̀. Ó yàtọ̀ o. Nínú "would like", "like" ni ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, òun ló sì ń béèrè "to". Nínú "would rather", "rather" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. "Would" ló gbé "stay" dání, "rather" kàn dúró sí àárín wọn ni. Bí a kì í ti í sọ pé "I would to stay", bẹ́ẹ̀ náà ni "rather" tó kó sí àárín kò lè yí i padà.

Ọ̀nà kejì wá láti inú ilé. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ronú pé "ó sàn fún mi láti dúró" tàbí "ó wù mí láti dúró". "Láti" yẹn la máa ń gbé kalẹ̀ bíi "to" kí a tó mọ̀ pé a ti gbé e.

Ṣé ọgbọ́n kan wà tí mo lè fi rántí rẹ̀ láìha òfin sórí?

Ó wà, inú èdè tiwa náà ló sì wà. Ẹ má fi "ó wù mí láti" túmọ̀ "would rather" mọ́. Ẹ fi "kúkú" túmọ̀ rẹ̀. "I would rather stay": "Màá kúkú dúró." "I would rather walk": "Màá kúkú fẹsẹ̀ rìn." Ẹ wo ibi tí "kúkú" jókòó sí: ọ̀rọ̀-ìṣe ló kàn án lẹ́yìn ní tààrà. Ibẹ̀ gan-an ni "rather" jókòó sí.

Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó báyìí: "Màá kúkú ____ dúró", mo sì máa ń ní kí ẹnì kan wá fi "láti" sí àlàfo yẹn kó kà á sókè. Ọmọbìnrin kan gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Màá kúkú láti..." Kò lè parí rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí ò jọ Yorùbá." Mo ní kò jọ ọ́ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni "I would rather to stay" ṣe ń dún létí ẹni tó ni Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá fẹ́ kọ "would rather", màá rí i tí ètè rẹ̀ ń mì: "kúkú" ló ń sọ sínú.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Kì í ṣe gbogbo "kúkú" ni "rather". Bí a bá sọ pé "Ó kúkú ti lọ", ohun tí à ń sọ ni pé ó ti lọ ná, kò sí ọ̀rọ̀ yíyan nínú rẹ̀. "Kúkú" tí à ń fi yan nǹkan kan sílẹ̀ fún òmíràn ni mo ń sọ.

"Had better" ńkọ́? Ṣé òun náà kì í gba "to"?

Òun náà kì í gbà á. "You had better go" ló tọ̀nà, kì í ṣe "You had better to go". Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a mu jù ni "yáa": "Yáa máa lọ." "We had better hurry": "Ẹ jẹ́ ká yáa ṣe kíá." Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé "yáa láti lọ".

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú níbí ni "had". Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àná ni, torí náà wọ́n á yí i sí "have better" tàbí "has better" kó lè bá òní mu. Ẹ má yí i. "Had" inú "had better" kì í sọ nípa àná. Ìsinsìnyí tàbí ọjọ́ iwájú ló ń sọ: "You had better go now", "She had better come tomorrow". Yálà "I" ni o, "she" ni o, "they" ni o, "had" náà ni.

Ṣé mo lè máa lo "had better" níbi tí mo bá ti ń lo "should"?

Rárá, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí bínú síni nìyí. "Should" jẹ́ ìmọ̀ràn lásán. "Had better" ní ẹ̀gún nínú: ó ń sọ pé bí o ò bá ṣe é, nǹkan kan máa tìdí ẹ̀ yọ. "You had better lock the gate" túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí yẹn lè kó wàhálà wá lónìí. Ìmọ̀ràn tó kan gbogbo ayé tàbí tó kan ojoojúmọ́ kò bá a mu. "Children should brush their teeth every day" ló dára. Bí ẹ bá fi "had better" síbẹ̀, á dún bí ẹni pé ẹ mú pàṣán lọ́wọ́.

Torí ẹ̀gún yìí, ẹ má sọ ọ́ sí àgbà tàbí sí ọ̀gá yín. Ọmọ iṣẹ́ tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé "Sir, you had better sit down" rò pé òun ń ṣaájò ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá gbọ́ kò jìnnà sí "Ẹ yáa jókòó o". "Sà" tó fi síwájú kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. "Would you like to sit down, sir?" ló yẹ kó sọ, ẹ sì wò ó, "to" ti padà wọlé, torí "like" ló wà níbẹ̀. Láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, tàbí láti ẹnu ìyá sí ọmọ, kò sí wàhálà. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sì ka ara rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀gún ibẹ̀ máa ń rọ̀: "We had better go in, the rain is coming."

Bí mo bá fẹ́ sọ pé mi ò ní ṣe é, ibo ni "not" ń lọ?

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kó tó kan ọ̀rọ̀-ìṣe: "I would rather not stay", "You had better not go". Kì í ṣe "I would not rather stay", kì í sì í ṣe "You had not better go". Yorùbá tún ràn wá lọ́wọ́ níbí: "kí n kúkú má lọ". "Má" tẹ̀lé "kúkú", bí "not" ṣe tẹ̀lé "rather".

Nínú ìbéèrè nìkan ni ẹ ti máa rí "not" níwájú: "Wouldn't you rather stay?" àti "Hadn't you better go?" Méjèèjì tọ̀nà. Àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ ń retí "bẹ́ẹ̀ ni".

Bí wọ́n bá kọ "'d" nìkan, báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá "had" ni àbí "would"?

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni kí ẹ wò. Bí "better" ló tẹ̀lé e, "had" ni. Bí "rather" ni, "would" ni. "You'd better stay" jẹ́ "You had better stay". "You'd rather stay" jẹ́ "You would rather stay". "'D" kan náà yìí ló bí "You would better stay" tí àwọn ọmọ máa ń kọ: wọ́n gbọ́ "you'd", wọ́n sì rò pé gbogbo "'d" ni "would". Kò sí "would better" nínú irú gbólóhùn yìí.

Ibi tí ìdánwò ti ń fi èyí mú èèyàn ni ìbéèrè kékeré ìparí gbólóhùn. "We'd better go, ____?" Ìdáhùn ni "hadn't we?" "You'd rather stay, ____?" Ìdáhùn ni "wouldn't you?" Ẹni tí kò mọ ohun tí "'d" dúró fún á kàn máa méfò.

Ṣé "You better go" tí mo ń gbọ́ nínú fíìmù tọ̀nà? "I will rather stay" ńkọ́?

"You better go" wà lẹ́nu àwọn tó ni èdè náà. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "'d" tó wà níwájú "better" máa ń fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí kì í gbọ́ ọ mọ́, wọ́n sì ti wá ń fò ó pátápátá. Ẹ lè fi bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Nínú àròkọ, nínú lẹ́tà tó lọ sí ọ́fíìsì, àti nínú ìdánwò, ẹ kọ "had".

"I will rather stay" yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó pọ̀ lẹ́nu wa ní Nàìjíríà, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa, mo sì mọ ibi tó ti wá: "màá" la máa ń túmọ̀ sí "I will", a sì mú un lọ síbi gbogbo. Ṣùgbọ́n "would" ni ìdánwò ń fẹ́, "would" náà sì ni Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni "I rather stay" tí kò ní "would" rárá. Ó ku ẹ̀sẹ̀ kan.

Kí n fi "I would rather prefer" kún un. "Rather" ti ṣe iṣẹ́ yíyan, "prefer" náà tún ń ṣe é. Ẹ mú ọ̀kan: "I would rather stay" tàbí "I would prefer to stay".

Báwo ni màá ṣe fi nǹkan méjì wéra: "rather stay than to go", "than going", tàbí "than go"?

"I would rather stay than go." Bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe wà lápá òsì "than", bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà lápá ọ̀tún. Pẹ̀lú "prefer", "to" á wà lápá òsì: "I would prefer to stay rather than go."

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi orúkọ nǹkan wéra, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀-ìṣe. "I would rather tea than coffee" kò pé. "I would rather have tea than coffee" ló pé. "Rather" kò lè dá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, a ti sọ ọ́ lókè.

Báwo ni mo ṣe lè sọ pé ǹ bá ti dúró lánàá?

"I would rather have stayed." "Have" ló kọ́kọ́ wá, kí "stayed" tó tẹ̀lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dídúró ló wù mí, ṣùgbọ́n mi ò dúró. Ẹ má kọ "I would rather stayed", ẹ má sì kọ "I would rather to have stayed".

"Had better" kò ṣeé lò fún irú àbámọ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí nítorí ohun tí kò ṣe lánàá, "You should have called me" ni kí ẹ sọ. Ẹ lè pàdé "You had better have finished by the time I return", ṣùgbọ́n ìhàlẹ̀ ni ìyẹn, ọjọ́ iwájú ló sì ń sọ: kó o yáa ti parí rẹ̀ kí n tó dé.

Kí ló dé tí ìdáhùn fi jẹ́ "I would rather you stayed" nígbà tí ẹ ti ní ká má fi "-ed" sí i?

Ìbéèrè yìí ló ń pa máàkì jù, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Òfin tó wà lókè wà fún ìgbà tí ẹni tó ń yàn àti ẹni tó máa ṣe nǹkan náà bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. "I would rather stay": èmi ló wù, èmi náà ni màá dúró. Bó bá di pé èmi ló wù, ṣùgbọ́n ìwọ ló máa dúró, èèyàn méjì ti wọ inú gbólóhùn náà, olùwà ti di méjì. Nígbà náà, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé olùwà kejì á mú ìrísí àná: "I would rather you stayed."

Ìrísí àná ni, kì í ṣe àkókò àná. "I would rather he came tomorrow" tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "came" àti "tomorrow" jọ ń bára wọn jà. Gẹ̀ẹ́sì máa ń lo ìrísí àná láti fi hàn pé nǹkan kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ó kàn wu èèyàn kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ti mọ ọn níbòmíràn: "I wish I knew", "If I were you", "It is time we left". Yorùbá kì í lo àná fún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ní "ì bá" tiwa, tí à ń fi sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀: "Ì bá wù mí kí o dúró." Ẹ wo "kí o" yẹn dáadáa. Bí Yorùbá tó wà lọ́kàn yín bá ti ní "kí o", "kí ó" tàbí "kí wọ́n", tí ẹni tó wù sì yàtọ̀ sí ẹni tó máa ṣe é, ìrísí àná ló ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé irú èyí tí wọ́n ń bi nínú ìdánwò wò: "I would rather you ____ here till the rain stops. A. to stay B. stay C. stayed D. will stay." Ìdáhùn A ti ṣubú, torí "to". D ṣubú, torí "will" kì í wọ ibẹ̀. B ló ń tan àwọn ọmọ tó há òfin àkọ́kọ́ sórí, tí wọ́n rí "would rather" tí wọn ò rí "you". C ni ìdáhùn. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n fi ìka sórí ọ̀rọ̀ tó kan "rather" lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àlàfo ló wà lábẹ́ ìka wọn, ọ̀rọ̀-ìṣe ìhòhò. Bó bá jẹ́ èèyàn, ìrísí àná.

Fún ìyísódì, "I would rather you didn't tell him." Fún ohun tó ti kọjá lóòótọ́, ẹ tún fi "had" tì í sẹ́yìn: "I would rather you had told me", ìyẹn ni pé o ò sọ fún mi, ó sì dùn mí. Àwọn kan, pàápàá ní Amẹ́ríkà, máa ń sọ "I'd rather you stay". Ẹ má bá wọn jà, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò tiwa, "stayed" ni kí ẹ mú.

Bíbélì sọ "Choosing rather to suffer affliction". Ṣé "rather to" kò wá tọ̀nà níbẹ̀ ni?

Ó tọ̀nà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan ló bi mí ní èyí, inú mi sì dùn sí i gan-an. Nínú Bíbélì Ọba Jákọ́bù, ìwé Hébérù orí 11 ẹsẹ 25, níbi tí wọ́n ti ń sọ ti Mósè, "Choosing rather to suffer" ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n kò sí "would" níbẹ̀. "Choose" ni ọ̀rọ̀-ìṣe, òun ló ni "to": a máa ń sọ "choose to suffer". "Rather" kàn bọ́ sí àárín wọn ni. Bákan náà ni "He decided rather to wait" ṣe tọ̀nà. Ẹ fa "rather" yọ kí ẹ wo ohun tó kù. "Choosing to suffer" dúró gírí. "I would to stay" kò lè dúró. Ìdánwò yìí kì í tanni.

Inú Bíbélì yẹn kan náà, nínú Sáàmù 84 ẹsẹ 10, ẹ máa rí "I had rather be a doorkeeper in the house of my God, than to dwell in the tents of wickedness." Ọdún 1611 ni wọ́n tẹ ìtumọ̀ yìí jáde. Nígbà yẹn, "had rather" wọ́pọ̀ níbi tí àwa ti ń sọ "would rather". Kì í ṣe àṣìṣe, ó kàn ti di ti àwọn baba ńlá ni. Ẹ tún wò ó: "be" tó tẹ̀lé e kò ní "to". "To" tó wà lẹ́yìn "than" ni wọ́n gbà nígbà náà, ṣùgbọ́n lóde òní, "than dwell" ni kí ẹ kọ.

Ọmọ mi kọ ìpínrọ̀ kan sí àbúrò mi. Báwo ni mo ṣe máa máàkì í?

Ìyá kan ya àwòrán ìwé ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lò ó. Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí: "I will rather to spend the holiday in Ibadan than going to Lagos. My mother said I have better to finish my project first. She would rather I stay at home. If it rains on Saturday, we would better not travel. I would rather prefer that you visit us." Ibi mẹ́jọ ni yíǹkì pupa ti ní iṣẹ́.

Mẹ́ta wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́: "will", "to", àti "going". "I would rather spend the holiday in Ibadan than go to Lagos." Méjì wà nínú èkejì: "have" àti "to". "My mother said I had better finish my project first." Ọmọ náà lè ronú pé torí "said" ni "had" ṣe wà níbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìyá bá sọ "You had better finish" lójúkojú, "had" náà ni, bí a bá sì ń ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò ní yí padà.

Ẹkẹta, ìyá ló wù, ọmọ ló máa gbélé. Èèyàn méjì ni: "She would rather I stayed at home." Bí olùkọ́ kan bá fi "stay" sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà, mi ò ní bá a wíjọ́, ṣùgbọ́n èmi á fa ìlà sí i nítorí ìdánwò tó ń bọ̀. Ẹkẹrin, "'d" ló tú síta lódì: "we had better not travel." "Not" rẹ̀ wà ní àyè rẹ̀, mo sì fi àmì dáadáa sí i fún ìyẹn.

Ẹkarùn-ún ní "rather" àti "prefer" papọ̀. Gírámà á gba "I would rather you visited us", á sì gba "I would prefer you to visit us". Àmọ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ni ó ń kọ ìwé sí, ọmọ kì í sì í yan ibi tí àgbà máa lọ fún un. Ohun tí mo kọ sí etí ìwé rẹ̀ ni "I would be very happy if you could visit us."